Wayfarer tí wọ́n gbé wá bá mi ní Gbági: híńjì irin àti ojú awò tútù, ṣé ó tó ẹ̀rí?

Oníbàtà Gbági

Bàtà àti báàgì ni mo ń tà ní Gbági tuntun, n'Íbàdàn. Mo fẹ́ fi awò òòrùn kún ọjà mi. Arákùnrin kan gbé Ray-Ban Wayfarer dúdú dọ́sìnì kan wá, ó ní ojúlówó ni. Ó ní kí n fọwọ́ kan ojú awò náà kí n gbọ́ bó ṣe tutù, kí n sì wo híńjì rẹ̀ pé irin ni. Owó tó pè kéré sí ti ṣọ́ọ̀bù ńlá, àmọ́ kì í ṣe owó tí mo lè sọnù. Ó ń padà bọ̀ wá gbowó. Kí ni mo lè wò lára awò yẹn fúnra mi?

---

Alátùn-únṣe Awò, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ má tíì sanwó. Nǹkan méjì tó ní kí ẹ wò yẹn, àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà mọ̀ pé òun làwọn èèyàn ń wò.

Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló gbé ìyàwó àbúrò mi dé ìdí tábìlì mi. Aago ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ ló ń tà ní Balógun. Ẹnì kan gbé Wayfarer wá fún un, páálí wà, àpò wà, aṣọ ìnuwò wà nínú rẹ̀. Kò ní kí n bá òun wò ó o. Ó ní kí n kọ́ òun bí òun á ṣe máa wò ó, torí mi ò lè tẹ̀lé òun lọ síbi gbogbo tí òun ti ń rajà. Inú mi dùn sí ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kan fẹ́ kí n sọ "ó dáa" tàbí "kò dáa" ni.

Mo ní ojúlówó kan nílé ìtajà, RB2140, Wayfarer àtijọ́ gan-an tí wọ́n ṣì ń ṣe títí di òní. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó mú wá, mo ní kí ìyàwó wa di ojú, kó máa ṣí apá awò náà kó sì máa pa á dé. Ojúlówó le díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe le níbẹ̀rẹ̀ náà ló ṣe le lópin, kò sì mì sókè sódò. Èyí tó mú wá le níbẹ̀rẹ̀, ó wá dẹ̀ lójijì lágbedeméjì, apá rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kò tíì la ojú tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́."

Nígbà tó lajú, mo fún un ní gíláàsì tí mo fi ń wo síkúrù. Híńjì RB2140 ní eyín irin méje tó wọ inú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tó há mọ́ra: mẹ́rin lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, síkúrù kan ṣoṣo ló gba àárín gbogbo wọn kọjá. Torí pé irin kan irin níbi púpọ̀ ni kì í fi í yára mì. Eyín mẹ́ta péré ni tèyí tó mú wá ní. Irin ni lóòótọ́. Arákùnrin tó tà á kò parọ́ níbẹ̀, àmọ́ irin nìkan kọ́ là ń wá.

Lẹ́yìn náà ni mo fi ibi tí irin ti wọ inú ike hàn án. Ibẹ̀ lèmi fúnra mi máa ń wò ju eyín lọ. Lára ojúlówó, irin yẹn rì sínú ike, ó jókòó pẹrẹsẹ, ike tó yí i ká mọ́ tónítóní. Lára ayédèrú, ẹ ó rí gúlúù tó ti gbẹ, tàbí àlàfo tí èékánná lè wọ̀, tàbí kí ike rú sókè yí irin ká níbi tí wọ́n ti fi iná tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ti ojú awò náà ń bọ̀. Oníbàárà dé.

---

Ọ̀gá Agbéní

Ìbéèrè yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ka eyín híńjì. Tó bá pé méje, ojúlówó ni. Tí kò bá pé méje, ayédèrú ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tà á, bí mo ṣe ń rà á nìyẹn. Òmíràn tún ni pé kí ẹ ka inú apá rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, ẹ gbé e padà fún un kíá. Ítálì ni Ray-Ban ti ń wá.

---

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ọ̀rọ̀. Bàbá wa fi awò òòrùn kan sílẹ̀, ó pẹ́ gan-an, ìgbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ti ní in. Ọmọ mi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó fẹ́ rà á, ẹni yẹn wò ó, ó ní fèéèkì ni, torí "BL" ló rí lójú awò, kì í ṣe "RB". Ó ní kí ọmọ mi gba owó bínńtín lórí irin rẹ̀. Ṣé bàbá wa á gbé ayédèrú sójú fún gbogbo ọdún yẹn ni?

---

Alátùn-únṣe Awò, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyá Ìbejì, ẹ gba awò bàbá yín padà lọ́wọ́ ẹni yẹn lónìí.

Ilé iṣẹ́ Bausch & Lomb ní Amẹ́ríkà ló dá Ray-Ban sílẹ̀. Àwọn ló ń ṣe é títí di ọdún 1999, kí wọ́n tó tà á fún Luxottica ti Ítálì. Nígbà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ Bausch & Lomb, "BL" kékeré ni wọ́n máa ń fín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú awò. Ẹ̀yìn tí Luxottica rà á ló di "RB". Ẹni tó rí "BL" tó sì pè é ní ayédèrú, yálà kò mọ̀ tàbí ó mọ̀ dáadáa tó sì fẹ́ gbà á ní ọ̀pọ́. Mi ò ní fi ojú tí mi ò fi rí i búra pé ti bàbá yín pé. Ẹ wò ó bóyá ojú méjèèjì ló ní "BL" yẹn, torí ojú méjèèjì ni wọ́n máa ń fín in sí láyé ìgbà yẹn. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ní in tí èkejì kò ní in, ó lè jẹ́ pé ojú kan ti fọ́ rí tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ayédèrú, owó rẹ̀ ló máa dínkù.

Ọ̀gá Agbéní, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò gbà. Eyín méje jẹ́ ti RB2140. Àwọn Ray-Ban mìíràn wà tí híńjì wọn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, tí ilé iṣẹ́ kan náà sì ṣe wọ́n. Ẹni tó bá fi òfin méje dá gbogbo wọn lẹ́jọ́, á máa dá ojúlówó padà. Lódì kejì ẹ̀wẹ̀, mo ti tú ayédèrú tó ní eyín méje síwẹ́síwẹ́ lórí tábìlì mi. Eyín pé, àmọ́ irin rẹ̀ rọ̀, síkúrù rẹ̀ kò sì wọ gbogbo eyín, ó dúró lórí ìkarùn-ún. Nítorí náà, tí eyín kò bá pé méje lára ohun tí wọ́n kọ RB2140 sí, ẹ dá a padà. Tó bá pé méje, ẹ ṣì máa wò ó lọ.

Ti Ṣáínà tí ẹ sọ, Luxottica ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ṣáínà, ojúlówó Ray-Ban sì ń ti ibẹ̀ jáde. Ayédèrú tí mo ti rí pé wọ́n kọ Ítálì sí lára kò lóǹkà. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára ike kò ná ẹnikẹ́ni lówó.

---

Ọ̀gá Agbéní

Ẹ̀yin alátùn-únṣe ń wo èyí tó ti bàjẹ́. Ọlọ́jà kò ráyè tú síkúrù níwájú ẹni tó gbé ọjà wá. Ta ló máa dúró dè yín?

---

Oníbàtà Gbági

Ìbéèrè tèmi náà nìyẹn, ọ̀gá. Tí mo bá yọ síkúdíráfà, arákùnrin yẹn á ní mo ń ba ọjà òun jẹ́. Kí ni mo lè fi ojú àti ọwọ́ lásán wò?

---

Alátùn-únṣe Awò, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ó yá, ojú awò. Síkúdíráfà kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo ibi méjì. Lójú kan lókè, wọ́n tẹ orúkọ Ray-Ban pẹ̀lú ọ̀dà funfun. Lójú kejì, nítòsí híńjì, ní etí pátápátá, wọ́n fín "RB" kékeré sára gíláàsì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ orúkọ funfun, wọn ò mọ èyí tí wọ́n fín. Ẹ gbé awò náà dání lábẹ́ iná, ẹ rọra yí i títí iná fi máa tàn lórí etí yẹn, ẹ ó rí i. Tí kò bá hàn, ẹ fi èémí ẹnu bò ó, ìrì yẹn á jẹ́ kí ó yọ. Ẹ wá fi ṣóńṣó èékánná fà á kọjá, á há díẹ̀, torí kòtò ni, kì í ṣe ọ̀dà. Èyí tí ìyàwó wa mú wá ní "RB" o, ní ibi tó yẹ kó wà gan-an, àmọ́ ọ̀dà funfun ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Èékánná rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ geerege, nígbà tó sì tún fi agbára ha á, ẹsẹ̀ "R" jábọ́.

Kí ẹ wá wo ìlà tó gún. Ẹ na ọwọ́ yín tán, ẹ gbé awò náà síwájú, ẹ tipasẹ̀ ojú kan rẹ̀ wo férémù ilẹ̀kùn tàbí ìlà táìlì. Ẹ rọra gbé e sọ́tùn-ún, ẹ gbé e sósì. Kí férémù yẹn dúró gbọnyin ni. Tó bá ń dà bíi pé ó ń tẹ̀ tàbí ó ń mì, ojú awò náà kò dọ́gba. Ìyàwó wa fi òpó iná tó wà níta ọjà wò ó, ó sì rí i tí òpó náà ṣẹ́ po lágbedeméjì. Ẹni tó bá ra irú ẹ̀ tó sì fi wakọ̀ láti Èkó dé Ṣágámù, orí á máa fọ́ ọ, kò sì ní mọ̀ pé awò ni.

Ní ti pé ó tutù: RB2140 tí nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 901, gíláàsì gidi ló wà lójú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní G-15. Gíláàsì máa ń tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ ju ike lọ, ó sì máa ń dún gbangan tí ẹ bá fi eyín kàn án, kò ní dún bọ́ọ́. Tí èyí tí wọ́n gbé wá bá jẹ́ ike, tí wọ́n sì kọ 901 sí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ wọ́n ń fi gíláàsì sí ayédèrú náà, torí gíláàsì pẹlẹbẹ kò wọ́n. Bí irin híńjì ṣe rí ló rí. Ó lè jẹ́ ẹ̀rí pé kì í ṣe ojúlówó, kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé ojúlówó ni.

Àwọ̀ rẹ̀ náà ń bẹ. Ẹ fi bo pépà funfun. G-15 á sọ pépà náà di eérú tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, pupa á ṣì jẹ́ pupa lẹ́yìn rẹ̀, yẹ́lò á ṣì jẹ́ yẹ́lò. Ayédèrú tí mo ti rí, òmíràn dúdú bíi èédú, òmíràn sì ń fa sí búlúù.

---

Ará Pẹ́kámù

Èmi ò fi èékánná ha nǹkan kan ní tèmi. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, fóònù la fi ń mọ̀ ọ́n. Gbé awò síwájú ojú fóònù tó tàn, yí i títí tó fi dúró lóòró. Tó bá jẹ́ ojúlówó, ojú fóònù á ṣókùnkùn. Mo ra ọ̀kan ní ọjà Sátidé, kò ṣókùnkùn rárá, mo dá a padà lọ́gán.

---

Dókítà Ojú Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó lẹ dá padà.

Ohun tí ẹ ṣe yẹn fi hàn bóyá awò jẹ́ pólárááìsì, ìyẹn awò tó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ara omi tàbí ojú títì kù, kò fi hàn bóyá ojúlówó ni. Wayfarer 901 lásán kì í ṣe pólárááìsì, ojúlówó rẹ̀ kò ní sọ fóònù di òkùnkùn láé. Èyí tó jẹ́ pólárááìsì ni 901/58, wọ́n sì máa ń fi "P" kékeré kún orúkọ funfun ojú rẹ̀. Kódà ayédèrú olówó pọ́ọ́kú pọ̀ tó jẹ́ pólárááìsì, torí bébà rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ti di nǹkan tó wà káàkiri. Káàdì kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí, tí àwòrán máa ń yọ lórí rẹ̀ tí èèyàn bá gbé awò wọ̀, awò pólárááìsì èyíkéyìí ló máa fi àwòrán yẹn hàn.

Àyẹ̀wò yín máa wúlò tó bá jẹ́ pé 901/58 ni wọ́n kọ sí inú apá rẹ̀ tí fóònù kò sì ṣókùnkùn. Ó ṣeé ṣe kí irọ́ wà níbẹ̀ nígbà yẹn.

---

Ará Pẹ́kámù

Háà. Mi ò ka nọ́ńbà inú apá rẹ̀ o. Mi ò wá mọ èyí tí mo dá padà mọ́.

---

Ìyá Ìbejì

Dókítà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà níbí, ṣé ayédèrú yìí ń ba ojú jẹ́? Àwọn ìbejì mi wọ èyí tí wọ́n rà lẹ́nu geètì ilé ìwé.

---

Dókítà Ojú Òṣogbo

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn. Awò lè jẹ́ ayédèrú kó má sì ṣe ojú ní jàǹbá. Awò tí kò ní orúkọ kankan lára sì lè dára fún ojú.

Ohun tó ń ṣe ojú ni awò tó dúdú tí kò dí ìtànṣán UV, èyí tó wà nínú òòrùn tí ojú kì í rí. Tí òkùnkùn bá bo ojú, ọmọlójú á ṣí sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Tí awò náà kò bá wá dí UV, èyí tó ń wọlé lè pọ̀ ju ìgbà tí èèyàn kò wọ nǹkan kan, tó sì ń dijú nínú òòrùn. Àmọ́ oríṣi ike kan wà, pólíkábónéètì, tó máa ń dí púpọ̀ nínú UV fúnra rẹ̀, kó tiẹ̀ funfun bí omi. Bó ṣe dúdú tó kò sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ̀yin ọlọ́jà ní iná tí ẹ fi ń wo owó náírà. Ẹ tan án sórí ẹgbẹ̀rún kan náírà, nọ́ńbà dúdú ara owó náà á yí sí àwọ̀ ewé. Ẹ wá fi ojú awò náà sí àárín iná àti owó. Ẹ má tipasẹ̀ awò wò ó o, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti wo owó náà. Tí àwọ̀ ewé yẹn bá pòórá, awò náà ń dí UV. Tó bá ṣì ń tàn, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀ ọ́.

Ibi tí ó ti lè tàn yín jẹ: tọ́ọ̀ṣì kékeré aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n kọ 395 sí lára, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní ẹnubodè UV. Awò tó dára díẹ̀ lè jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì rò pé kò dára. Èyí tí wọ́n kọ 365 sí sàn jù fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ ìdánilójú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ojú tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn UV nínú awò. Kì í gba àsìkò.

---

Ọ̀gá Agbéní

Ẹ ṣeun, dókítà. Tó bá jẹ́ pé ayédèrú kan lè dí UV, kí ló wá burú nínú kéèyàn tà á? Mo máa ń sọ fún oníbàárà mi pé másítà kọ́pì ni. Mi ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, owó rẹ̀ ni mo gbà. Ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ wọ Wayfarer lọ síbi ìgbéyàwó, níbo ló ti fẹ́ rówó ojúlówó?

---

Alátùn-únṣe Awò, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀gá, ẹ sọ òótọ́ fún ẹni àkọ́kọ́. Ẹni àkọ́kọ́ á tà á fún ẹni kejì, kò sì ní sọ ọ́. Orúkọ Ray-Ban tó wà lójú awò náà ló máa bá ẹni kejì sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n gbé bá Oníbàtà ní Gbági, bóyá ẹnì kan ti pè é ní másítà kọ́pì rí kó tó dé ọwọ́ arákùnrin yẹn. Orúkọ yẹn ní ẹni tó ni ín, òfin sì wà lórí rẹ̀ ní Nàìjíríà. Awò tó ní irú ìrísí Wayfarer tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára pọ̀ lọ́jà. Ẹ tà á fún ọmọ ilé ìwé náà, ẹ fi iná owó yẹn yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbé e síta.

---

Ọ̀gá Agbéní

Oníbàárà ò ní rà á tí kò bá ní orúkọ. Ẹ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan kí ẹ rí i.

---

Alátùn-únṣe Awò, Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo gbà pé ó ṣòro láti tà. Mi ò gbà pé ìyẹn tó ìdí.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ìyàwó wa, torí ìgbà kejì tí wọ́n gbé ọjà wá fún un wúlò fún Oníbàtà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dá ti àkọ́kọ́ padà. Ẹlòmíràn wá gbé òmíràn fún un, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eyín híńjì méje pé. Irin rì sínú ike dáadáa. "RB" há èékánná. Gíláàsì ni, òpó iná kò sì ṣẹ́ po. Ó pè mí lórí fóònù pé òun ò rí àléébù kankan, òun sì fẹ́ sanwó. Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ sí inú apá rẹ̀. Ó kà á: RB2140, 901, 50, àpótí kékeré, 22. Mo ní ṣé rúlà wà nítòsí.

Nọ́ńbà méjì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. 50 ni fífẹ̀ ojú awò kan ní mìlímítà, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ níbi tó ti fẹ̀ jù. 22 ni àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì lórí imú, níbi tí wọ́n ti sún mọ́ra jù. RB2140 tún ní èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ 54 àti 18 sí i. Ẹ kíyè sí i pé tí ẹ bá ro 50 pọ̀ mọ́ 22, 72 ni. 54 àti 18 náà, 72 ni. Ìdí nìyẹn tí ojú lásán kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kíá, tó sì fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọn láti àárín ojú kan dé àárín ojú kejì kò ní rí nǹkan kan. Ojú awò kan ṣoṣo ni kí ẹ wọ̀n.

Ìyàwó wa wọ̀n ọ́n, rúlà rẹ̀ kà tó 53. Etí gíláàsì díẹ̀ máa ń wà nínú kòtò férémù tí rúlà kì í rí, nítorí náà ojúlówó 50 sábà máa ń dín díẹ̀ lórí rúlà, kì í lé. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ̀n 54 ló ní, nọ́ńbà 50 ló gbé. Mo ní kó mú òmíràn nínú páálí kan náà. Ó mú mẹ́ta, gbogbo wọn kọ 50 àti 22. Ọ̀kan nínú wọn kéré sí àwọn tó kù lójú, nọ́ńbà kan náà ló ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó ṣe wọ́n ní mọ́ọ̀dù méjì, àmọ́ òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ló ní. Ìyàwó wa kò bá ẹni náà jà. Ó fi rúlà hàn án, ọkùnrin náà sì kó ọjà rẹ̀.

Ní báyìí, rúlà ike kékeré wà nínú àpò owó rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun ti yí ètò padà: rúlà ló ń mú kọ́kọ́ jáde, torí kì í ṣe ọjà ẹnikẹ́ni ní nǹkan, lẹ́yìn rẹ̀ ló kan èékánná, híńjì ló kẹ́yìn. Èmi ì bá bẹ̀rẹ̀ láti híńjì ni, àmọ́ ètò tirẹ̀ bá ọjà mu ju tèmi lọ.

---

Dókítà Ojú Òṣogbo

Ẹ fi kún un pé nọ́ńbà yẹn wà lára ọ̀pọ̀ férémù awò ojú, kódà èyí tí a fi ń kàwé. Mo ń lò ó lójoojúmọ́, àmọ́ mi ò rò ó rí pé ọlọ́jà lè fi mú ayédèrú. Ìbéèrè kan: tí òǹtẹ̀ àti ìwọ̀n bá bára mu ńkọ́?

---

Alátùn-únṣe Awò, Ìsàlẹ̀ Èkó

Nígbà náà ni híńjì tún kù. Tó bá kọjá gbogbo rẹ̀, mo máa ń wo inú apá àti abẹ́ imú bóyá ìlà mọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Wọ́n gé ike ojúlówó RB2140 láti ara pátákó ni, wọ́n wá dán an, kò lè ní ìlà ibi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé. Ṣùgbọ́n dókítà, mo ti rí ọ̀kan tí mi ò lè sọ. Gbogbo rẹ̀ ló bára mu, owó tí wọ́n pè nìkan ni kò bá a mu. Mo dá a padà láì ní ẹ̀rí, mi ò sì tíì mọ̀ di bí mo ṣe ń sọ yìí.

---

Oníbàtà Gbági

Mo ti padà dé. Arákùnrin yẹn wá. Mo ní kó fi ọ̀kan sílẹ̀ kí n wò ó mọ́jú, ó kọ̀. Ó ní kí n wò ó níwájú òun. Mo mú rúlà: wọ́n kọ 50 àti 22, ojú rẹ̀ kà 49 ó lé díẹ̀, imú rẹ̀ kà 22. Ìyẹn bára mu. Mo fi èékánná wá "RB", mo rí i, ó há. Mo ti ń rò pé mo ti rí ojúlówó. Mo wá ní kó fún mi ní ìkejì àti ìkẹta nínú dọ́sìnì náà. Ìkejì bára mu. Ìkẹta, kò sí "RB" kankan lójú rẹ̀, mo fi èémí bò ó lójú méjèèjì, mo yí i lábẹ́ iná. Ó ní ọmọ ilé iṣẹ́ ló gbàgbé ẹ̀. Eyín híńjì rẹ̀ sì jẹ́ márùn-ún, ti àkọ́kọ́ jẹ́ méje.

Mi ò sanwó. Àmọ́ ó ń bẹ̀ mí pé kí n ra méjì tó dára yẹn nìkan. Ṣé kí n rà á?

---

Ọ̀gá Agbéní

Ra méjì yẹn. O ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó yege.

---

Alátùn-únṣe Awò, Ìsàlẹ̀ Èkó

Mi ò ní rà á. Ẹni tó ń da ojúlówó méjì pọ̀ mọ́ ayédèrú nínú páálí kan, bóyá ó fi méjì yẹn bo àwọn tó kù ni, bóyá wọ́n jí i, bóyá òun náà kò mọ ohun tó rà. Èyí tó bá jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ò ní rí i mọ́ lọ́jọ́ tí oníbàárà bá gbé e padà. Tí ẹ bá máa rà á dandan, kí ó kọ rìsíìtì tó ní nọ́ńbà RB2140 901, orúkọ rẹ̀, àti ibi tó ti ń tajà, kí ó sì gbà pé ẹ lè dá a padà tí ẹlòmíràn bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún ya fọ́tò híńjì méjèèjì láti òkè, nígbà tí apá rẹ̀ wà ní ìdajì ṣíṣí, kí síkúrù lè hàn, kí ẹ sì gbé e síbí. Màá wò ó bóyá ó dé orí eyín ìkeje.

---

Oníbàtà Gbági

Ó ní òun kì í kọ rìsíìtì. Ó ti lọ. Mo rí fọ́tò kan yà kó tó lọ, kò mọ́lẹ̀ dáadáa, mo ń gbé e sókè báyìí.